Ilà Mẹ́fà

Ilà mẹ́fà ni mo kà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Oorun kò kùn mí, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ nígbà tí mo ń fa òògùn náà sínú síríńjì. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ èyí, torí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí ni pé ṣé fóònù ni mò ń tẹ̀. Mi ò tẹ fóònù. Mo fara balẹ̀ dáadáa, mo sì ṣe àṣìṣe.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ìwà tó yẹ nọ́ọ̀sì ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ó ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi àtíkè kùn ún. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹnì kan. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́dún kejì mi nílé ẹ̀kọ́, nígbà ọyẹ́.

Iṣẹ́ òru la wà, ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Aláìsàn mẹ́rìnlélógún ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀sì tó ti gba ìwé ẹ̀rí sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Èmi àti ọmọkùnrin kan tó fi kíláàsì kan ṣáájú mi la jọ wà pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án ni Màmá Ẹlẹ́lùbọ́ wà. Bí gbogbo wọ́ọ̀dù ṣe ń pè wọ́n nìyẹn, torí pé ẹ̀lùbọ́ ni wọ́n ń tà ní Táákíè. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń bá àtọ̀gbẹ fà á, ṣùgbọ́n egbò ẹsẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná ló gbé wọn wá lọ́tẹ̀ yìí. Lálaalẹ́ ni wọ́n máa ń dá mi dúró láti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n ti pò mọ́ nǹkan mìíràn. Wọ́n ní ojú kọ́ ló ń mọ̀ ọ́n, ìka ni.

Ínsúlíìnì ni dókítà kọ fún wọn, èyí tó mọ́ gaara tó máa ń tètè ṣiṣẹ́: yúníìtì 6, lábẹ́ awọ, ní ìdajì wákàtí kí wọ́n tó jẹun àárọ̀. Ọ̀dọ̀ wa, ẹbí aláìsàn ló ń ra síríńjì. Tiwọn ti tán lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọbìnrin wọn sì sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan. Síríńjì mílílítà 2 ló rà bọ̀. Ó sọ fún ẹni tó tà á pé ti ínsúlíìnì ni òun fẹ́, onítọ̀hún sì dá a lóhùn pé síríńjì ni síríńjì ń jẹ́.

Síríńjì kọ́ ni síríńjì ń jẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí pé ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Yúníìtì la fi ń wọn ínsúlíìnì. Ìgò tá à ń lò ní wọ́ọ̀dù gba mílílítà 10, yúníìtì 1000 ló sì wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé yúníìtì 100 wà nínú mílílítà kan. Síríńjì tí wọ́n dìídì ṣe fún un tín-ín-rín, ìdérí rẹ̀ sábà máa ń pọ́n bí ọsàn tó ti gbó, yúníìtì ni wọ́n sì kọ sí i lára, kì í ṣe mílílítà. Síríńjì mílílítà 2 kò mọ yúníìtì rí. Ilà kéékèèké mẹ́wàá ló wà láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé orí mílílítà kan, ìlà kan sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mílílítà. Bí ínsúlíìnì bá wà nínú rẹ̀, ilà kan ṣoṣo ti di yúníìtì 10. Yúníìtì 6 tí dókítà kọ kò tilẹ̀ tó ilà kan. Kò sí ojú tó lè wọ̀n ọ́n níbẹ̀, bó ti wù kó mú tó.

Èmi ka ilà mẹ́fà. Yúníìtì 60 nìyẹn.

Kí ló dé tí ọpọlọ mi gbà á? Mo ti ro ó títí. Ní yàrá tá a ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, síríńjì ínsúlíìnì kékeré tó gba yúníìtì 50 ni wọ́n fi kọ́ wa. Lórí ìyẹn, ilà kan jẹ́ yúníìtì kan. Omi ni a ń fà sínú rẹ̀, a ń gún ọsàn, olùkọ́ á ní “Fa mẹ́jọ,” a ó ka ilà mẹ́jọ, a ó sì gba máàkì. Ọwọ́ mi ti kọ́ ìlà kíkà. Orí mi ò kọ́ ohun tí ìlà ń jẹ́. Nígbà tí wọ́n wá gbé síríńjì mìíràn lé mi lọ́wọ́, ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ náà ló ṣe.

Wọ́n ti kọ́ wa pé ohun márùn-ún là ń yẹ̀ wò kí á tó fún ènìyàn lóògùn: ẹni tó ni ín, òògùn náà, ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀nà tó máa gbà wọlé, àti àkókò rẹ̀. Mo yẹ márààrún wò. Mo béèrè orúkọ Màmá, mo fi wé ti ọwọ́ wọn. Mo ka ara ìgò. Nígbà tí mo dé orí ìwọ̀n, ìwé sọ pé mẹ́fà, ojú mi rí mẹ́fà, mẹ́fà sì bá mẹ́fà mu.

Òfin wọ́ọ̀dù ni pé ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ wo ínsúlíìnì kó tó dé ara aláìsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta lásìkò náà, pẹ̀lú obìnrin kan tí gìrì mú, kò sì lè fi í sílẹ̀. Ó bi mí láti ọ̀hún pé, “Mélòó lo fà?”

Mo ní, “Mẹ́fà, Mà.”

Ó ní, “Ó dáa, fún wọn.”

Etí ni wọ́n fi wo òògùn náà, kì í ṣe ojú. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kì í sì í ṣe irọ́. Mo fún Màmá lábẹ́rẹ́ níkùn ní agogo 6:30, mo fọwọ́ sí ṣáàtì wọn, mo ju síríńjì sínú páálí abẹ́rẹ́, mo sì kọjá lọ.

Aláìsàn tó kàn ni ọmọbìnrin kan ní bẹ́ẹ̀dì kẹtàdínlógún, tí àtọ̀gbẹ tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kí síríńjì ínsúlíìnì tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yúníìtì 12 ni tirẹ̀ láàárọ̀. Mo fà á dé 12, mo gbé e sókè síbi iná láti lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, mo sì rí i pé òògùn náà kéré. Ó kéré gan-an, bí ẹ̀kán omi tó lẹ̀ mọ́ ìdí abẹ́rẹ́. Mejìlá nìyí, ìlọ́po méjì mẹ́fà, àmọ́ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tì sínú ikùn Màmá.

Mo dúró síbẹ̀. Ọmọ náà ní, “Sístà, ṣé kò sí?” Mo ní kò sí. Mo fún un ní tirẹ̀ (lẹ́yìn tí mo ka nọ́ńbà ara síríńjì náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta), mo sì lọ síbi omi ìfọwọ́. Mo fọ ọwọ́ mi, mo tún un fọ̀. Agogo ara ògiri fi 6:45 hàn.

Ẹ gbọ́ o, ọ̀rọ̀ Màmá kọ́ ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Owó ilé ẹ̀kọ́ tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ san ni. Mo rí ojú ìyá mi, mo rí ojú olórí ilé ẹ̀kọ́ wa, mo rí ẹrù mi lórí ọ̀kadà. Ìwé ìwà tí àjọ àwọn nọ́ọ̀sì àgbáyé kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1953, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2021, mo ti kà á, mo ti kọ ìdánwò lórí rẹ̀, mo sì gba máàkì tó dáa. Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn nídìí omi náà.

Ọmọkùnrin tá a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ rí ojú mi, mo sì sọ fún un. Ó wẹ̀yìn wò. Ó ní, “Ta ló rí ọ?” Mo ní kò sí. Ó ní, “Síríńjì náà ńkọ́?” Mo ní ó ti wà nínú páálí. Ó ní kí n má pariwo, kí n ra mínírà kan fún Màmá, kí n sì rí i pé wọ́n jẹun yó. Ó ní ṣúgà ni ínsúlíìnì ń lé, tí ṣúgà bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àánú mi ló ṣe é, ó sì gbà pé òun ń gbà mí là.

Ohun tó sọ yìí ló yẹ ká dúró lé lórí, torí pé ó dùn létí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Ínsúlíìnì yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí, agbára rẹ̀ máa ń dé góńgó láàárín wákàtí méjì sí mẹ́rin, ó sì lè wà lára fún wákàtí mẹ́jọ. Bó bá pọ̀ tó ti Màmá, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí inú ọ̀rá abẹ́ awọ ló gúnlẹ̀ sí, ibẹ̀ ló sì ti ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Kò sí ọ̀nà láti fà á padà. Ṣúgà inú mínírà kan kì í pẹ́ kó tó lọ. Ká ní mo ṣe ohun tó ní kí n ṣe, ara Màmá á dá ṣáṣá títí di agogo mẹ́jọ tí a ó fi iṣẹ́ lé àwọn ará àárọ̀ lọ́wọ́. Èmi á ti máa lọ sílé. Tó bá di nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án, Màmá á dùbúlẹ̀, ojú á pa dé, nọ́ọ̀sì tó bá sì kọjá á sọ pé oorun ń kun àgbàlagbà. Àṣìṣe mi nìkan kò ní pa wọ́n. Wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ sí i ni ì bá pa wọ́n.

Mi ò ro gbogbo èyí báyìí nígbà náà o. Ohun tí mo rò kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo kàn rí Màmá láti ọ̀ọ́kán, wọ́n ń fi ìka wọn nu àwo ẹ̀kọ wọn, wọ́n ń dúró de oúnjẹ.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta. Mo ní, “Mà, mo ti ṣe àṣìṣe. Yúníìtì 60 ni mo fún Màmá bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án dípò 6. Agogo 6:30 ni.”

Mo rò pé á gbá mi létí. Ohun tó sọ ni, “Wọ́n ti jẹun?”

Mo ní wọn ò tíì jẹun. Ó ní kí n lọ gbé ẹ̀kọ wọn wá, kí n da ṣúgà sí i dáadáa, kí ọmọkùnrin yẹn dúró ti ẹni tí gìrì mú. Òun fúnra rẹ̀ pe dókítà, ó sì sọ iye, àkókò, àti orúkọ òògùn náà lórí fóònù láìfi ohunkóhun ṣáájú. Ìgbà tó parí ìyẹn ló tó wo ojú mi. Ó ní, “Síríńjì wo lo lò?” Nígbà tí mo sọ ọ́, ó di ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

A fi ẹ̀rọ gún ìka Màmá. Ṣúgà wọn jẹ́ 196. Dókítà dé láìpẹ́, ó wá ọ̀nà iṣan sí wọn lọ́wọ́ nígbà tí iṣan ṣì rọrùn rí, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ láti wo pọtásíọ́ọ̀mù, torí pé bí ínsúlíìnì ṣe ń ti ṣúgà wọ inú ara náà ló ń ti pọtásíọ́ọ̀mù wọ̀ ọ́, ọkàn sì lè ṣe ségesège bó bá lọ sílẹ̀ jù. Ó fi omi dẹ́ksítírọ́ọ̀sì 10% sí wọn lára. Ó ní ká máa wọn ṣúgà wọn ní ìdajì ìdajì wákàtí.

Mètírọ́ọ̀nù náà ti dé. Dókítà sọ fún un pé a gbọ́dọ̀ sọ fún Màmá lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan ní ká jẹ́ kó parí ná, ká tó sọ ọ́. Dókítà kọ̀. Ó ní ara wọn ni, wọ́n sì ní láti mọ̀ ọ́n; pé bí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tàbí tí ebi àìrotẹ́lẹ̀ bá mú wọn, àwọn fúnra wọn ló máa kọ́kọ́ mọ̀, ẹni tí a kò bá sì sọ fún kò ní pè wá. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Abẹ́rẹ́ tí mo fún yín láàárọ̀ yìí pọ̀ ju ohun tí dókítà kọ lọ. Ìlọ́po mẹ́wàá ni.” Dókítà gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó ṣàlàyé ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ohun tí a ń ṣe sí i, àti iye wákàtí tí a ó fi jókòó tì wọ́n. Kò sọ pé ohun kékeré ni. Kò sì sọ pé kò ní sí nǹkan kan.

Ọmọ wọn fò dìde lórí ẹní. “Ṣé ẹ fẹ́ pa ìyá mi ni?” Àwọn aláìsàn mìíràn ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Mètírọ́ọ̀nù kò ní kó dákẹ́. Ó jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Màmá kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, “Àbí ẹlòmíì ló rí ọ?”

Mo ní, “Rárá, Mà. Èmi ni mo lọ sọ ọ́.”

Wọ́n ní, “Ẹ gbé ẹ̀kọ yẹn wá.”

Ní agogo 8, ṣúgà wọn jẹ́ 151. Ní 8:30, ó jẹ́ 94, pẹ̀lú ẹ̀kọ, pẹ̀lú búrẹ́dì, pẹ̀lú omi tó ń kán. Àwọn ará àárọ̀ ti gba iṣẹ́, ṣùgbọ́n mi ò lọ sílé. Nọ́ọ̀sì àgbà ní kí n fa àga, kí n jókòó tì wọ́n. Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́sàn-án lù, mo rí i pé iwájú orí wọn ń dán. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà débi pé ètè gbogbo wa ti là, fèrèsé wà ní títì, àmọ́ Màmá ń làágùn. Wọ́n yí ojú sí mi, wọ́n sì béèrè pẹ̀lú ohùn ọjà pé, “Kóńgò mélòó lo fẹ́?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣàwàdà láti fi hàn pé wọn ò bínú mọ́. Wọ́n tún ní, “Kóńgò mélòó? Má fọwọ́ kàn án tó ò bá ní rà á.” Ìgbà náà ni mo wo ojú wọn dáadáa, mo rí i pé èmi kọ́ ni wọ́n ń wò, mo sì pariwo pe dókítà. Ẹ̀rọ sọ pé 52. A ti kọ́ ọ pé tí ṣúgà bá ti wọ abẹ́ 70, ó ti kéré jù. A kọ́ ọ pé aláìsàn á máa gbọ̀n, á máa làágùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa dàrú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìdàrúdàpọ̀ náà lè jọ ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání, pé ẹlẹ́lùbọ́ á máa ta ẹ̀lùbọ́.

Dókítà rọra ti dẹ́ksítírọ́ọ̀sì 50% sínú iṣan, mílílítà 50. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, torí pé ó ki, ó sì máa ń ba iṣan jẹ́. Kò pẹ́ rárá tí ojú Màmá fi padà sílé. Wọ́n ní, “Ẹnu mi gbẹ.” Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 148. Ọmọ wọn ń sunkún, ó ti rò pé ó parí. Ní agogo 10:30, ó tún ti já sí 77, wọ́n sì mú omi náà yára sí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ, tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, títí di ọ̀sán gangan. Ìgbà tó di ìrọ̀lẹ́ ló tó dúró sójú kan, síbẹ̀ wọ́n kò yọ omi náà títí di ọjọ́ kejì. Pọtásíọ́ọ̀mù lọ sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe.

Nǹkan kan tún wà tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. Láàárín gbogbo wàhálà yìí, ẹnì kan ti kọ ìwé fún ọmọ wọn pé kó lọ ra omi àti pépà ìwọn ṣúgà sí i, bí a ṣe máa ń ṣe. Mètírọ́ọ̀nù gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fà á ya. Ó ní wọn ò ní fi owó wọn tún ohun tí àwa bàjẹ́ ṣe.

Lọ́sàn-án ni mo kọ ìròyìn. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé, “Mo ṣèèṣì fún aláìsàn ní òògùn tó pọ̀ díẹ̀ nítorí pé kò sí síríńjì tó yẹ.” Mètírọ́ọ̀nù kà á, ó fi bírò fa ilà sí abẹ́ “ṣèèṣì”, ó fà á sí abẹ́ “díẹ̀”, ó sì fà á sí abẹ́ “nítorí”. Ó ní ẹjọ́ ni mò ń rò, ìròyìn kọ́. Èyí tó padà jáde nìyí: “Ní agogo 6:30, mo fún aláìsàn bẹ́ẹ̀dì 9 ní ínsúlíìnì yúníìtì 60 lábẹ́ awọ. Ìwọ̀n tí a kọ jẹ́ yúníìtì 6. Síríńjì mílílítà 2 ni mo lò. Mo ka ilà mẹ́fà. Mo mọ̀ ọ́n ní agogo 6:45, nígbà tí mo ń fa òògùn aláìsàn mìíràn pẹ̀lú síríńjì ínsúlíìnì. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún.” Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn náà gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀.

Ṣáàtì tí mo ti fọwọ́ sí pé mo fún wọn ní 6 ńkọ́? Mo fẹ́ fi Típẹ́ẹ̀sì pa á rẹ́. Wọ́n ní kí n má dán an wò. Ilà kan ṣoṣo ni mo fà gba àárín rẹ̀, kí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì ṣeé kà. Mo kọ òótọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo kọ ọjọ́ àti àkókò tí mo tún un ṣe, mo sì fọwọ́ sí i.

Ibi tó le jù lọ fún mi nínú ìròyìn yẹn kì í ṣe ibi tó kan èmi. Ó kù síbi tí wọ́n ti béèrè pé ta ló bá mi wo òògùn náà. Tí mo bá kọ “Kò sí,” mo ti purọ́, èmi nìkan ni yóò sì dà bí ẹni tó rú òfin. Tí mo bá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ti fa obìnrin tó gba Màmá là, tó gba èmi náà là, wọ inú ẹjọ́. Mo gbé bírò sílẹ̀, mo lọ bá a níbi tó ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ láti lọ sílé. Mo sọ fún un pé mi ò mọ ohun tí mo máa kọ.

Ó ní, “Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Mo ní, “Ẹ béèrè iye tí mo fà láti bẹ́ẹ̀dì kẹta. Mo ní mẹ́fà.”

Ó ní, “Ṣé mo wò ó?”

Mo ní, “Rárá, Mà.”

Ó ní, “Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.” Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó sì jáde lọ.

Wọ́n pè wá jókòó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi gba òògùn fífúnni kúrò lọ́wọ́ mi. Mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mò ń wọn ìfúnpá, mo sì tún ìdánwò ìṣirò òògùn ṣe níwájú olùkọ́ méjì pẹ̀lú oríṣi síríńjì mẹ́rin lórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì àgbà gba ìwé pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Mo ṣì gbà pé ìwé yẹn kò tọ́ sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ènìyàn kan kò lè di ẹni tí gìrì mú mú kó sì tún máa wo ilà síríńjì ní bẹ́ẹ̀dì kẹsàn-án, ẹni tó sì fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn mẹ́rìnlélógún kò gba ìwé kankan. Mo sọ ọ́ ní ìjókòó náà, ohùn mi sì ń gbọ̀n. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó yí padà ní wọ́ọ̀dù ni pé síríńjì ínsúlíìnì wà nínú abọ́ kan náà pẹ̀lú ìgò ínsúlíìnì nínú fíríìjì báyìí, wọ́ọ̀dù ló ń rà á, ẹbí kò rà á mọ́. Bí síríńjì kò bá sì sí, ìgò kò gbọ́dọ̀ jáde. Wọ́n tún ní kí àwọn dókítà máa kọ “yúníìtì” tán pátá, torí lẹ́tà U tí wọ́n máa ń kọ mọ́ nọ́ńbà lè jọ òdo, kí 6 sì di 60 láìsí ọwọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀.

Màmá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń kí wọn láàárọ̀, wọ́n ń dáhùn, ó parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ni wọ́n pè mí láti wá tú bàtà wọn, kò sì sí ohun tó tún pa wá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí egbò náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú awọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ sílé, wọ́n ti tún òògùn wọn ṣe sí yúníìtì 8 láàárọ̀, wọ́n sì ní láti kọ́ bí wọn á ṣe máa fún ara wọn. Èmi ni Mètírọ́ọ̀nù ní kí n kọ́ wọn, òun sì dúró lẹ́yìn mi. Síríńjì ínsúlíìnì tó gba yúníìtì 100 la fún wọn. Mo fa omi sínú rẹ̀ láti fi hàn wọ́n, mo sì gbé e lé wọn lọ́wọ́. Màmá sún un mọ́ ojú, wọ́n fi èékánná àtàǹpàkò lé ilà àkọ́kọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n ka mẹ́jọ, wọ́n dúró, wọ́n wò mí.

Àyà mi já. Lórí síríńjì yẹn, ilà kan jẹ́ yúníìtì méjì. Mẹ́rìndínlógún ni Màmá fà.

Mo ní, “Ẹ̀rin ni, Mà. Ilà mẹ́rin.”

Wọ́n ní, “Ṣebí mẹ́jọ ni dókítà wí?”

Mo ní mẹ́jọ ni. Mo fi nọ́ńbà 10 hàn wọ́n, a jọ ka ilà tó wà lábẹ́ rẹ̀, márùn-ún ni. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i fúnra wọn. Lẹ́yìn náà mo mú páálí kan, mo ya síríńjì náà sí i gbọọrọ, mo sì fi bírò pupa fa ilà kẹrin kó nípọn, kí wọ́n lè gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé. Màmá gbà á, wọ́n nà án sílẹ̀ wò, wọ́n fi ìka wọn tọ ilà pupa náà.

Wọ́n ní, “Ya ìkejì.”

Mo ní, “Ti ta ni, Mà?”

Wọ́n ní, “Tìẹ ni.”